Okùn USB ₦1,500 kan, àti àwọn tí ó tà á fún mi ní òpópónà Táíwò

Bí kì í bá ṣe pé fóònù mi béèrè nọ́ńbà ìṣíde lẹ́ẹ̀kejì ni, gbogbo àwòrán àti fídíò wòlímọ̀ ọmọ mi ì bá ti pòórá lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tó kọjá, lórí tábìlì ilé-ìtajà kan ní òpópónà Táíwò, nílùú Ìlọrin. Okùn USB kan ṣoṣo ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Mo ra okùn náà lọ́wọ́ wọn ní ₦1,500, mo sì tún san ₦3,000 fún iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe sí kọ̀ǹpútà mi. Okùn náà àti ọwọ́ tí wọ́n fi mú mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mi ò sì ní fi nǹkan kan pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ mi ọkùnrin ṣe wòlímọ̀. Mo fi fóònù ká ohùn rẹ̀ láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì títí tí àwọn àlùfáà fi ṣàdúà fún un, àwòrán àti fídíò náà sì lé ní 11 GB. Fóònù kún débi pé kò gba ẹyọ àwòrán kan mọ́. Bí mo bá fẹ́ fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó dátà rẹ̀ á pọ̀ ju agbára mi lọ, bí mo bá sì lo Bluetooth, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, kò ní tíì parí. Okùn nìkan ló kù. Ti tẹ́lẹ̀ ti já, ni mo bá ra tuntun. Ó nípọn, wọ́n fi òwú hun ara rẹ̀, ọwọ́ ẹni sì lè gbà pé ojúlówó ni.

Nígbà tí mo délé ní Tankẹ tí mo fi í so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, àmì iná hàn lójú fóònù, bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Kọ̀ǹpútà kò dún rárá bí ó ti máa ń dún nígbà tí a bá so nǹkan mọ́ ọn. Mo ṣí ojú ìwé tí ó máa ń fi àwọn ibi ìpamọ́ hàn, fóònù mi kò sí níbẹ̀. Mo yọ okùn, mo tún un fi, mo gbé e sí ojú ihò mìíràn lára kọ̀ǹpútà, mo pa fóònù, mo tún un tàn. Ọ̀kan náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn: fóònù ń gba iná, kọ̀ǹpútà kò sì dún. Èmi náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ilé-ìtajà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni kò kọbi ara sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí iṣẹ́ àtúnṣe kò wo okùn náà rárá. Ó ní, “Màmá, dẹ́rẹ́bà ni kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín. ₦3,000 ni.” Dẹ́rẹ́bà tí ó ń wí ni sọ́fítíwíà kékeré tí ó ń jẹ́ kí Windows gbọ́ èdè ohun èlò tí a bá so mọ́ ọn. Mo bi í léèrè bóyá kò ní kọ́kọ́ dán okùn mìíràn wò. Ó ní okùn tuntun ni, okùn tuntun kì í bàjẹ́. Mo sanwó, mo jókòó. Ó lo wákàtí kan ó lé díẹ̀, ó ń gba oríṣiríṣi nǹkan sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń fi wọ́n sórí kọ̀ǹpútà mi, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà tàn. Nígbà tí kò rí ojútùú, ó ní fóònù ló ní àìsàn. Mo fún un ní fóònù, mo tẹ nọ́ńbà ìṣíde, mo sì yíjú sí ìyá kan tí ó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó pè mí: “Màmá, ẹ bá wa tẹ nọ́ńbà yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ìka mi ti kan nọ́ńbà àkọ́kọ́ kí n tó bèèrè pé, ṣebí mo ti ṣí i fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ni ó tún ń béèrè fún? Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sẹ́yìn lójú ìwé kan, mo sì rí ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀: *Erase all data (factory reset)*. Ó fẹ́ nu gbogbo ohun tí ó wà nínú fóònù mi nù pátápátá. Kò bi mí bóyá mo ti tọ́jú nǹkan kan síbòmíràn. Mo sì ti sọ fún un nígbà tí mo wọlé pé torí kí n lè tọ́jú àwọn fídíò náà síbòmíràn ni mo ṣe wá! Ara mi gbọ̀n. Mo pariwo, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé, bí ó bá tilẹ̀ nu fóònù náà tán, kọ̀ǹpútà kò ní tíì rí i, nítorí ìnùnù fóònù kò lè fi wáyà kún okùn tí wáyà inú rẹ̀ kò pé.

Àriwo mi ni ó mú ọ̀gá wọn wọlé, bí ó ti ń ti ìrun Àílà bọ̀. Láti ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àlàájì náà kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè méjì tí mo ti ń retí láti àárọ̀: ǹjẹ́ fóònù ń gba iná? Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà ń dún? Nígbà tí mo dáhùn, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká wo okùn ná.” Ó fi okùn mi so fóònù tirẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Iná wọlé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò dún. Ó mú abẹ, ó là á lójú mi. Wáyà méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, pupa kan àti dúdú kan. Ó la okùn àtijọ́ kan tí ó ti bàjẹ́ níta ihò rẹ̀, mẹ́rin ni tirẹ̀: pupa, dúdú, funfun àti àwọ̀ ewé. Ó ní pupa àti dúdú ni ó ń gbé iná, iná 5 fólítì tí ó ń kún bátìrì. Funfun àti àwọ̀ ewé ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà. Okùn tí kò bá ní méjì tó kẹ́yìn yìí, ṣájà lásán ni. Bí a bá fi í so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, fóònù á rò pé ara ògiri ni òun wà, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun dé ọ̀dọ̀ òun. Kò sí dẹ́rẹ́bà tí ó lè wo irú rẹ̀ sàn. Nínípọn okùn àti òwú tí wọ́n hun sára rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn nípa èyí. Kí a dán an wò ni àṣírí rẹ̀ fi ń tú.

Ó fún mi ní okùn mìíràn láìgba kọ́bọ̀, ó sì kọ́kọ́ dán an wò lórí fóònù tirẹ̀ kí ó tó fi í sára tèmi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mi dún, ohun kan sì yọ lókè ojú fóònù mi tí kò yọ rí láti àná: *Charging this device via USB*. Ó ní ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tún ń ṣìnà nìyí. Bí okùn bá tilẹ̀ pé, fóònù Android sábà máa ń fi ara rẹ̀ sí ipò gbígba iná nìkan, kí ẹni tí kò yẹ má baà rí ohun inú rẹ̀, àfi bí olówó rẹ̀ bá yàn án. Ó ní kí n tẹ ìkéde yẹn, kí n sì kúrò lórí *No data transfer* bọ́ sórí *File transfer*. Ó tún ní kí n má jẹ́ kí ojú fóònù tì pa, nítorí bí ó bá ti pa, kọ̀ǹpútà lè rí orúkọ fóònù ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ á ṣófo.

Mo yàn án, àpò náà kò sì yọ. Àyà mi já. Àlàájì kò bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan kan sílẹ̀. Ó ṣí *Device Manager*, ó sì fi orúkọ kan hàn mí lábẹ́ *Other devices*, *MTP*, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù ń gbà fi fáìlì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. Nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ wò, *Code 28* ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò tíì sí lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní nísinsìnyí gan-an ni ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wá, torí kọ̀ǹpútà ti rí fóònù, kò kàn mọ bí yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀ ni. Dẹ́rẹ́bà tí ó yẹ ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀, kò sí ìdí láti rà á. Mo kọ ọ̀nà tí ó gbà sínú ìwé, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra lójú kọ̀ǹpútà mi nìyí:

```
Update driver
Browse my computer for drivers
Let me pick from a list of available drivers on my computer
Portable Devices
MTP USB Device
```

Ó ní bí *MTP USB Device* kò bá sí nínú àkójọ yẹn, kí a wò ó bóyá Windows tí orúkọ rẹ̀ parí sí N ni, nítorí irú rẹ̀ kì í ní ohun èlò yìí àfi bí a bá fi *Media Feature Pack* kún un. Tèmi kì í ṣe irú rẹ̀. Bí ó ti tẹ èyí tó kẹ́yìn ni fóònù mi yọ lójú kọ̀ǹpútà, a ṣí *DCIM*, a ṣí *Camera*, ojú ọmọ mi sì hàn nínú láwàní funfun rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ fi kọjá sórí kọ̀ǹpútà.

Àlàájì dá ₦3,000 mi padà kí n tó béèrè. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì jẹ́ kí ó tún gbogbo ìgbésẹ̀ náà ṣe lójú mi láti ìbẹ̀rẹ̀, okùn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ipò tí fóònù wà, dẹ́rẹ́bà gbẹ̀yìn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo sì ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ náà tán, torí nígbà tí mo ń jáde, mo rí àwọn okùn oníwáyà méjì náà tí wọ́n ṣì so kọ́ ara ògiri pẹ̀lú àwọn okùn rere, iye kan náà, páálí kan náà, wọn kò sì kọ ọ́ sára èyíkéyìí pé ṣájà lásán ni. Mo sọ fún Àlàájì pé kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó sì kọ ọ́ sí wọn lára ní èdè Yorùbá. Ó ní òun yóò ṣe é. Ní ọjọ́bọ̀ tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe bá wọn.

Okùn àkọ́kọ́: 0 nínú 5. Okùn kejì: 5 nínú 5, mo sì ń lò ó lójoojúmọ́. Ilé-ìtajà náà lápapọ̀: 4 nínú 5.