Ìtàn ẹ̀dà inú Google Docs: ibi tó ti lè gbè ọ́, àti ibi tí apá rẹ̀ ò ká

Àpilẹ̀kọ ni mo ń kọ jẹun nílùú Ìbàdàn, inú Google Docs ni mo sì ti ń kọ gbogbo rẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ mi kì í ṣí àfi tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́: ìtàn ẹ̀dà, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí fáìlì ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Tẹ File, kí o tẹ Version history, kí o wá tẹ See version history. Bí ẹnìkan bá sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ló bá ọ kọ iṣẹ́ rẹ, mi ò tíì rí ẹ̀rí tó dára tó ìtàn ẹ̀dà yìí.

Mo kọ nípa àwọn tó ń ta aṣọ òfì ní ọjà Ọjẹ́. Olóòtú tó gbé iṣẹ́ náà fún mi fi íméèlì ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ tí àwọn fi ń yẹ iṣẹ́ wò ní kì í ṣe ènìyàn ló kọ ọ́, pé àwọn ò ní sanwó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣìnà. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an gbé irú rẹ̀ jáde ní 2023, wọ́n sì pa á tì ní oṣù keje ọdún yẹn nítorí pé kò péye tó. Èmi ò tiẹ̀ bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ wo bí mo ṣe kọ ọ́," a sì pe ara wa lórí fídíò.

Tí o bá ṣí ìtàn ẹ̀dà, apá ọ̀tún ni ọjọ́ àti aago wà. Ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ni kí o tẹ̀, torí ẹ̀dà kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí wà. Ọ̀rọ̀ tuntun máa ń ní àwọ̀, èyí tí o pa rẹ́ á ní ìlà láàárín. Olóòtú rí i pé ìbéèrè lásán ló kọ́kọ́ wà nínú fáìlì náà. Wọ́n rí ìpínrọ̀ tó wà lókè tẹ́lẹ̀ tí mo gbé lọ sí ìsàlẹ̀. Èyí tó yí wọn lọ́kàn padà jù ni àmì ohùn. Tí mo bá ń kọ Yorùbá, mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ láìfi àmì sí i kí èrò má baà sá lọ, n ó wá padà wá fi àmì sí i. "Aso ofi" ló wà nínú ẹ̀dà ìrọ̀lẹ́. Nínú ẹ̀dà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di "aṣọ òfì", bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti ìlà dé ìlà.

Síbẹ̀, ìpínrọ̀ gígùn kan wọlé ní odindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ohun tí a kọ́pì láti ibòmíràn ṣe máa ń rí nìyẹn, wọ́n sì bi mí. Ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò kan ni, tí mo ti kọ sórí fóònù kí n tó gbé e wọlé. Ìtàn ẹ̀dà ò lè sọ ìyẹn. Ohùn ìyá náà tí mo gbà sílẹ̀ ni mo fi dáhùn. Wọ́n sanwó mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èrú lè jókòó kó máa fọwọ́ tẹ ohun tí ChatGPT kọ, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé ìkejì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìsí ìpadàsẹ́yìn. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí ni wọ́n ti ń kọ̀wé tán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tiwọn náà á sì lọ tààrà. Nítorí náà, ẹ má fi èyí nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ bi í léèrè nípa iṣẹ́ náà, kí ẹ sì wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Bákan náà, tí iná bá lọ tí intánẹ́ẹ̀tì sì bá a lọ, ohun tí o kọ nínú òkùnkùn lè já wọlé papọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé, kó wá dà bíi pé o kọ́pì rẹ̀.

Má ṣe fi Make a copy ṣiṣẹ́ lórí iṣẹ́ tí o fẹ́ dáàbò bò: ẹ̀dà tuntun ò ní gbé ìtàn ti àtijọ́ dání. Fáìlì Word tí o bá gbà jáde láti ibẹ̀ náà ò ní gbé e dání. Google sì lè pa àwọn ẹ̀dà kéékèèké pọ̀ bó bá pẹ́, nítorí náà mo máa ń lo Name current version nígbàkígbà tí mo bá parí apá kan.

Ẹni tí o fún láyè láti kà nìkan ò lè rí ìtàn yìí. Àfi ẹni tó lè ṣàtúnṣe. Ẹni yẹn á wá rí gbogbo ohun tí o ti pa rẹ́, títí kan orúkọ ẹni tó ní kí o má dárúkọ òun. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi hàn lórí fídíò, tí èmi fúnra mi ń tẹ̀ ẹ́, dípò kí n fi ìlíǹkì ránṣẹ́.