Ilẹ̀ ńlá lọ́nà jíjìn àbí kékeré lẹ́bàá ìgboro: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa wo iye tí mítà kan jẹ́ o. Ká ní 100 ni owó ọwọ́ yín. Ẹ máa fi 90 ra ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 12, tó sì gùn ní mítà 25 lẹ́bàá ìgboro, àmọ́ 40 péré á ra èyí tó fẹ̀ ní mítà 24, tó sì gùn ní mítà 50 ní ìlú tó ń dàgbà lọ́nà jíjìn. Ilẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin, owó ò sì tó ìdajì, ta ni ojú ẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dé ìdí. Ti ìgboro, iná ti kọjá níwájú ẹ̀, ọ̀nà wà, omi wà, 10 tó kù lẹ máa fi ṣe ìwé. Ti ọ̀nà jíjìn, ká ní òpó iná gba 15, ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà wọlé gba 10, kànga àti ẹ̀rọ omi gba 12, ó ti di 77 nìyẹn, ẹ ò tíì ṣe ìwé, ẹ ò sì tíì sanwó fún ẹni tó ń gé igbó tó sì ń ṣọ́ ààlà kí ẹlòmíì má lọ kọ́lé síbẹ̀. Tíyẹn bá jẹ́ 2 lọ́dún, ọdún 10 á jẹ́ 20, ẹ ti ná 97.

Ṣùgbọ́n ti ìgboro náà ní wàhálà tiẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í rántí ẹ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya pláànù. Ìjọba ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́lé kan ààlà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, 1.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ìgboro yín tó jẹ́ 300 mítà onígun mẹ́rin á ku 171 tẹ́ ẹ lè kọ́lé sí, nígbà tí 1,200 ti ọ̀nà jíjìn ṣì máa ku 924. Kẹ́ ẹ bèèrè òfin yìí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èrò tèmi ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́lé láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ lọ ra ti ìgboro. Tó bá jẹ́ owó tẹ́ ẹ lè gbàgbé fún ọdún 10 ni, ọ̀nà jíjìn lè dáa, tí ìlú yẹn bá ń dàgbà lóòótọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ má wo fẹ́ǹsì àti géètì, aṣọ tí wọ́n sá síta ni kẹ́ ẹ wò, àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀, fẹ́ǹsì kì í gbé inú ilé. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá pẹ̀lú, kẹ́ ẹ rí ibi tí omi dúró sí.

Tí ẹni tó ń tà á bá ní owó ẹ̀ ti di ìlọ́po méjì láti ọdún tó kọjá, òun fúnra ẹ̀ ló gbé owó ọjà ẹ̀ sókè. Ẹ wá ẹni tó ti rà níbẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó ti gbìyànjú àtitún un tà, iye tí wọ́n fún un, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó rí ẹni rà á.