Hàlálì àbí kóṣà: ohun tí mo fi ogójì adìyẹ kọ́

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ra ẹran lọ́wọ́ alápatà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, torí pé ó kọ "Halal" sára gíláàsì ìsọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ni ojú mi là. Mo ti ra ogójì adìyẹ. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n jẹ́ àáfà, wọ ilé ìdáná, wọ́n wo adìyẹ náà, wọ́n ní: "Ta ló dúńbú ẹ̀? Ṣé wọn ò ti fi iná mànàmáná gbé e kí ọ̀bẹ tó kàn án?" Mo pe alápatà lórí fóònù. Ó kàn ń tún un sọ pé hàlálì ni. Kò mọ ilé ìpẹran tó ti wá, kò sì ní ìwé kankan. Ẹja la sáré lọ dín fún àwọn àáfà.

Inú ń bí mi, ni mo bá kọjá sọ́dọ̀ àwọn Júù ní àdúgbò Stamford Hill. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ ẹran kóṣà, èyí tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn wọn, torí náà mo lè sọ ti méjèèjì.

Hàlálì ò ṣòro láti lóye. Ẹran gbọ́dọ̀ wà láàyè. Mùsùlùmí tó ní làákàyè ni kó pa á, kó pe Bísímílláhì, Allāhu Akbar sí i, kó fi ọ̀bẹ mímú gé ọ̀nà èémí, ọ̀nà oúnjẹ àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà dáadáa. A kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, a kì í sì í bó awọ rẹ̀ kó tó kú tán. Kíkọjú ẹran sí Kíbíláà dára, àmọ́ àìṣe é kò ba ẹran jẹ́.

Ti kóṣà, ọ̀bẹ ni gbogbo wàhálà ibẹ̀. Ẹni tó ń pa á, tí wọ́n ń pè ní ṣóhẹ́ẹ̀tì, ti kẹ́kọ̀ọ́, rábì sì ti fún un níwèé àṣẹ. Yóò fi ẹnu ọ̀bẹ náà ra orí ìka àti èékánná rẹ̀ kọjá, kó tó pa ẹran àti lẹ́yìn tó bá pa á tán. Bí èékánná bá gbọ́ eyín bíńtín lẹ́nu ọ̀bẹ lẹ́yìn pípa, ẹran yẹn ti bọ́ nínú kóṣà. Kò gbọdọ̀ dúró láàárín, kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọrùn, kò sì gbọdọ̀ ya ọ̀nà ọ̀fun dípò kó gé e. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wo fùkù màlúù. Ibi tó bá fu wọ́n lára, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń hó jáde. Bó bá ń hó, wọn kì í jẹ ẹ́.

Ibi tó jẹ mí lówó wá nìyí: iná. Kóṣà kì í gba iná kankan kó tó dé ọ̀bẹ. Ní ti hàlálì, àwọn àáfà ò sọ ohun kan náà. Ìṣòro rẹ̀ hàn jù lára adìyẹ: wọ́n á so ó kọ́ dorí kodò, orí rẹ̀ á wọ inú omi tí iná mànàmáná wà, kó lè dákú. Tí iná bá mọ níwọ̀n, yóò jí bí a ò bá pa á. Tí iná bá pọ̀, ọkàn rẹ̀ lè dúró, òkú ni ọ̀bẹ á sì bá. Nínú nọ́ńbà àwọn tó ń kọjá níṣẹ́jú kan, ta ló fẹ́ mọ èyí tó kú? Tó bá ti wọ ọ̀rá, ojú ò lè fi ìyàtọ̀ mọ̀, ahọ́n náà ò lè mọ̀ ọ́n.

Torí náà, àmì ara ẹran ni kí o wò, má wo gíláàsì ìsọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HMC àti HFA wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí ẹran hàlálì. HMC kì í gba fífi iná mú ẹran dákú. HFA máa ń gba èyí tí kì í pa ẹran. Bá alápatà béèrè ìwé tó ní déètì, kí o sì bi í léèrè ilé ìpẹran náà. Tó bá ń rẹ́rìn-ín dípò kó dá ọ lóhùn, máa lọ.

Àwọn ìyókù ò pọ̀. Kóṣà wọ́n gan-an. Wọ́n ti fi iyọ̀ bò ó fún wákàtí kan kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kí wọ́n tó ṣàn án, nítorí náà dín iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ kù. Ọbẹ̀ mi àkọ́kọ́ ò ṣeé jẹ. Tí o bá fẹ́ràn itan màlúù, o ò ní í rí i rà níbẹ̀, torí iṣan itan àti àwọn ọ̀rá kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ, iṣẹ́ náà sì pọ̀ débi pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń ta apá ẹ̀yìn sí.

Ṣé Mùsùlùmí lè jẹ kóṣà? Súrà Máídà, ẹsẹ 5, gba ẹran àwọn tí a fún ní Tírà, ọ̀pọ̀ àáfà sì gbà á. Ṣùgbọ́n ṣóhẹ́ẹ̀tì lè sọ àdúrà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ẹran púpọ̀, bàbá mi àgbà sì ní orí ẹran kọ̀ọ̀kan ni àwọn fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run.

Méjèèjì dára, ẹ má gbàgbé. Ẹni tí kò ní alápatà tó níwèé nítòsí, kó ra kóṣà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Èmi o, láti bí ọdún méjì ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sọ́dọ̀ alápatà tó ní àmì HMC lára ẹran rẹ̀. Nígbà ìkómọ tó tẹ̀lé e, bàbá mi àgbà ka àmì náà, wọ́n mú apá adìyẹ, wọ́n sì ní kí n bu ọbẹ̀ kún un.