Dítẹ́kítọ̀ sílíkọ́ọ̀nù tí mo fi wo sísíọ́mù 137: ohun tí ojú mi rí

Ṣóńṣó kan tó jókòó sí 606 keV lórí àwòrán agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí dítẹ́kítọ̀ mi yà ló mú mi kọ èyí. Ibi tí mo ti ń retí rẹ̀ ni 624. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tún un ṣe, mo ti kọ lẹ́tà ìbínú sí àwọn tó ta dítẹ́kítọ̀ náà, mo sì ti ń wá páálí tí màá fi dá a padà.

Ibi tí 624 ti wá nìyí. Sísíọ́mù 137 máa ń di báríọ́mù tí 661.7 keV ṣì há sínú núkílọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló lè gbà tú u sílẹ̀: kó ta ìtànṣán gámà jáde, tàbí kó gbé gbogbo agbára náà lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó ń yí i ká lọ́wọ́, láìsí gámà kankan rárá. Èyí kejì là ń pè ní ìyípadà abẹ́nú. Àwọn méjèèjì jọ ń du agbára kan náà ni. Nínú báríọ́mù yìí, ọ̀nà gámà nira: ìdajì àwọn núkílọ́ọ̀sì náà máa ń lò tó ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ kí wọ́n tó tú agbára sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi rí ìpín gidi gbà: bí gámà 100 bá jáde, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi 11 ló ń bá a rìn, 9 nínú wọn sì wá láti ìpele K, èyí tó sún mọ́ núkílọ́ọ̀sì jù lọ. Ẹni tó bá wà ní ìpele K gbọ́dọ̀ fi 37.4 keV já ìdè rẹ̀ kó tó lè lọ, ìyẹn ló fi ku 624. Ti ìpele L tó tẹ̀ lé e ń san bíi 6 péré, ó sì ń jáde ní bíi 656.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù béta tí sísíọ́mù fúnra rẹ̀ ń ta máa ń tẹ́ lọ bí òkè tó ń dẹ̀ wálẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì parí ní 514. Ẹ̀yìn òkè yẹn ni ṣóńṣó wa ti ń yọ orí, ó sì hàn kedere. Tèmi hàn, àmọ́ kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó tà á, ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní kí n kọ fọ́ọ̀mù kan, ẹni kejì ní kí n tún fọ́ọ̀mù kan náà kọ. Ohùn mi ti le nígbà tí obìnrin kan gba ìpè náà.

"Ẹ má bínú, sà. Kí lẹ fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀?"

Mo ní gámà 59.5 ti amẹrísíọ́mù 241 àti gámà 122 ti kóbáltì 57 ni.

"Ibo ni 122 jókòó sí báyìí?"

Ní 122 gan-an.

"Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n yín ló yẹ̀, á ti wálẹ̀ sí bíi 118. Ṣé ṣóńṣó kékeré kan wà lápá ọ̀tún 606?"

Mo wò ó. Ó wà, ní 638.

"Àlàfo 32. K àti L ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì sọ 18 nù. Nǹkan kan ń jẹ lára wọn lójú ọ̀nà. Ṣé ẹ ti fa afẹ́fẹ́ inú àpótí tí dítẹ́kítọ̀ wà jáde?"

Mi ò tíì fà á. Láàárín orísun sísíọ́mù àti sílíkọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fà á tán, ṣóńṣó náà sún lọ sí 616. Obìnrin náà ò kúrò lórí ìlà. Ó ní kí n wo ojú orísun, mo sì rí ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó. Lọ́jọ́ kejì mo yá orísun tí ìbòrí rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, ṣóńṣó dé 624, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo pè é láti sọ fún un.

Àyẹ̀wò tí mo ń ṣe báyìí nígbà gbogbo ni pé mo máa ń fi ọ̀rá kan dí ojú orísun. Ṣóńṣó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sún sísàlẹ̀, á sì fẹ̀. Ti gámà lè kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kúrò níbi tó wà, torí gámà kì í pín agbára rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń kọjá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣì ń dùn mí. Ìwé tó bá dítẹ́kítọ̀ náà wá ní ó dára fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kò sọ títí dé agbára wo. Sílíkọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ. Ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 624 nínú sílíkọ́ọ̀nù sì lé díẹ̀ ní mìlímítà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ẹ̀yìn jáde, àwọn míì ń ta padà síwájú kí wọ́n tó tú gbogbo agbára wọn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bọ́ sísàlẹ̀ ṣóńṣó, níbi tí wọ́n ti ń dà pọ̀ mọ́ béta. Nítorí náà, bí mo bá ka iye tó wà nínú ṣóńṣó K, tí mo fi wé gámà, iye tí mo ń rí kéré gan-an sí 9 nínú 100. Ibi tí ṣóńṣó wà ni mo lè fọkàn tán nínú ẹ̀rọ yìí. Iye rẹ̀ kọ́. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, èyí tó nípọn ni mi ò bá rà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Obìnrin yẹn, márùn-ún pé.