Bóòtì wo lẹ máa fi de páńẹ́lì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra sólà l'Ókun

Láti Kàbà dé Ìsánlú, ẹni tó bá fẹ́ gbé sólà sí ìdí kànga ẹ̀rọ máa ń bi oníṣẹ́ ní iye páńẹ́lì àti iye bátìrì. Ẹ bi í léèrè bóòtì náà. Páńẹ́lì 550 wáàtì kì í sábà wúwo ju nǹkan bíi kílógíráàmù 32 lọ, sípánà kan ṣoṣo sì tó olè láti tú u.

Ẹ jẹ́ ká mú páńẹ́lì 8 tó tò ní ìlà kan lórí irin méjì. Bóòtì 18 ló dì wọ́n mú: 14 láàárín, 4 ní etí.

Ẹ lè ra bóòtì tí ihò orí rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó rọrùn láti tú tí páńẹ́lì bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olùta irinṣẹ́ ń ta kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ lè ní kí wẹ́dà jó o pọ̀. Ó dúró dáadáa, àmọ́ iná a jó síńkì ara irin kúrò, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìtapàrà iná sì ń ba gíláàsì jẹ́. Ẹsẹ̀ irin tó gbé páńẹ́lì nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n jó.

Èyí tí mo fọwọ́ sí ni nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ ń ṣẹ́ dànù bí ẹ bá ti fún un tó. Ohun tó ṣẹ́kù rí róbótó, ó sì ń yọ̀, sípánà kò rí i dì mú. Kí agbára tí yóò fi ṣẹ́ má ju èyí tí ilé iṣẹ́ páńẹ́lì kọ sínú ìwé wọn lọ. Ẹ fi gíríìsì sí i, torí irin aláìdípẹtà lè há kó tó fún páńẹ́lì dáadáa. Orí á ṣẹ́, páńẹ́lì á ṣì máa mì. Ẹ di igun rẹ̀ mú, kí ẹ mì í wò. Ẹ dán iná wò kí orí kankan tó ṣẹ́.

Ẹ má ṣe fi nọ́ọ̀tì yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nítorí owó. Olè á tú ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì fa páńẹ́lì yọ lábẹ́ èyí tó kù. Kí gbogbo 18 jẹ́ bákan náà, pẹ̀lú ti irin tó gbé wọn, kí olè má baà gbé gbogbo rẹ̀ lọ pa pọ̀.

Gríìndà ṣì lè gé e, ṣùgbọ́n á pariwo. Ìdí nìyí tí wáyà féǹsì fi dára ju ògiri gíga lọ: aládùúgbò ń rí inú. Kí iná tó ń tàn bí èèyàn bá kọjá ní bátìrì kékeré tirẹ̀, kó má baà kú bí olè bá gé wáyà ńlá.

Orúkọ ìlú àti nọ́ńbà, ẹ fi ẹ̀rọ ìkọ̀wé irin fín in sí ara férémù páńẹ́lì. Ọ̀dà lásán, tínà á nù ún kúrò. Ẹ má fín gíláàsì, ó lè fọ́ yányán. Ẹ má sì fín ẹ̀yìn páńẹ́lì, omi á wọlé. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bátìrì olómi ńlá lè tó kílógíráàmù 60, olè sì ń wá òjé inú rẹ̀. Lítíọ́mù fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa. Kéèjì irin ni kó wà fún méjèèjì, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé sí bátìrì olómi.