Owó ẹ̀bùn: ká máa yọ ọ́ lóṣooṣù ni, àbí ká dúró de ayẹyẹ?

Ká ní olùkọ́ kan ní Kábà ń gba ₦80,000 lóṣù. Aṣọ ẹbí mẹ́rin lọ́dún, ₦15,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bùn mẹ́fà níbi iṣẹ́, ₦2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦24,000 fún òkú òjijì. Àpapọ̀ ₦96,000.

Tó bá ń dúró de ayẹyẹ, Disẹ́ńbà ló máa dá a lágara: ará ilé ti Àbújá dé, aṣọ ẹbí méjì já lù ú, ₦30,000 lọ, owó oúnjẹ Jánúárì bá a lọ.

Tó bá ń yọ ₦8,000 lóṣooṣù, Disẹ́ńbà kò ní ká a mọ́. Èyí ni mo fara mọ́, àmọ́ ó lábùkù: ní ìparí Máàṣì, ₦24,000 péré ló wà nílẹ̀. Bí aṣọ méjì bá bọ́ sí Àjíǹde, kó ra ọ̀kan, kó fi ₦3,000 ránṣẹ́ síbi kejì. Àǹtí lè bínú o!