Ìtàn oúnjẹ Màmá tàbí ìtàn ìjà orogún: èwo ló yẹ ìsìn ìdágbére?

Ká ní ìyá arúgbó ẹni ọdún 84 ló kú, tí wọ́n sì ní kí ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn méjì ló wà lọ́kàn ọmọ yìí.

Àkọ́kọ́ ni ti Màmá tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹun. Bó o bá ní o ti yó, á ní, "Ṣé mo bi ọ́ bóyá o ti yó ni? Jókòó!" Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti jẹ nínú oúnjẹ yẹn, wọn á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Èkejì ni ọjọ́ tí Màmá àti orogún rẹ̀ fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn. Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn ọmọ orogún náà wà lórí ìjókòó iwájú. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín, ojú wọn ni yóò kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ìtàn yẹn sílẹ̀ di alẹ́, kó ku ẹbí nìkan.

Tó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀ ni, ti oúnjẹ pàápàá, ẹ sọ ọ́ ní ṣókí.